Bátìrì kú lẹ́nu iṣẹ́, fáìlì fídíò wà lórí káàdì ṣùgbọ́n kò fẹ́ ṣí

FótòTiwa_Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Ìsìnkú ìyá àgbà kan ni mo lọ ya fídíò rẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀, ibi tí àkọ́bí ìyá yẹn ti ń sọ ìtàn ìyá fún àwọn ọmọ-ọmọ ni kámẹ́rà ti kú lójijì, kò kìlọ̀ rárá, àmì bátìrì ṣì ń fi ìdajì hàn. Kánọ́nù 80D ni mo lò. Mo ti pààrọ̀ bátìrì mo ti ń bá iṣẹ́ lọ kí n tó wò ó pé fáìlì yẹn kò ṣí. Ó wà lórí káàdì o, MVI_4417 lorúkọ ẹ̀, ìwọ̀n ẹ̀ tó 3.1 GB, ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ̀ ẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù á ní òun ò lè ṣí i. Àwọn fáìlì yòókù ń ṣí dáadáa. Bàbá tó ń sọ̀rọ̀ yẹn ti lé ní ọgọ́rin ọdún, a ò sì lè ní kí wọ́n wá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Kí ni mo lè ṣe?

Ìjẹ̀ṣàMídíà

Pẹ̀lẹ́ bọ̀ọ̀dá. Ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú, VLC nìkan lẹ nílò. Ẹ lọ sí Tools, ẹ lọ sí Preferences, ẹ wọ Input / Codecs, ẹ máa rí ibi tí wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ nípa fáìlì AVI tó bàjẹ́, ẹ ní kó máa tún un ṣe nígbà gbogbo. Bó bá jẹ́ MP4 ni, ẹ yí ìparí orúkọ ẹ̀ sí .avi kẹ́ ẹ tó ṣí i. Ó ti ṣiṣẹ́ fún mi dáadáa.

Alátùnṣe_Abẹ́òkúta

Ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀ṣàMídíà, ohun tẹ́ ẹ sọ yẹn òótọ́ ni fún AVI, torí VLC lè fúnra ẹ̀ tún àtòkọ inú AVI kọ. Ṣùgbọ́n MP4 ti 80D kì í ṣe AVI, yíyí orúkọ padà ò sì yí ohun tó wà nínú ẹ̀ padà. Ó lè jẹ́ pé AVI gan-an ni tiyín nígbà yẹn.

FótòTiwa, ohun àkọ́kọ́: káàdì yẹn, ẹ má ya nǹkan kan sí i mọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú kámẹ́rà, ẹ ti bọ́tìnì kékeré ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sí LOCK. Bẹ́ ẹ bá fi sínú láptọ́ọ̀pù tí Wíńdòsì ní kẹ́ ẹ jẹ́ kóun yẹ̀ ẹ́ wò kóun sì tún un ṣe, ẹ kọ̀ ọ́. Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà lórí káàdì sínú fódà kan, ẹ̀dà yẹn lẹ máa fi ṣiṣẹ́, ẹ ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ti orí káàdì.

Ìdí tí kò fi ṣí nìyí. Bí kámẹ́rà ṣe ń yà, àwòrán àti ohùn ló ń dà sínú fáìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa to ara wọn tẹ̀ lé ara wọn nínú apá ńlá kan tí wọ́n ń pè ní mdat. Ìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnì pé ó tó ni kámẹ́rà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ apá kékeré kan tó ń jẹ́ moov, ibẹ̀ ló ti ń kọ ọ́ pé àwòrán àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ níbí, ó gùn tó báyìí, ohùn tó bá a rìn wà lọ́hùn-ún, ìṣẹ́jú àáyá kan gba àwòrán báyìí. Iná tó lọ yẹn ló jẹ́ kí kámẹ́rà má ráyè kọ ọ́. Ẹ rò ó bí alájọ tí owó gbogbo oníbàárà wà nínú àpótí ẹ̀ pé pérépéré, ṣùgbọ́n ìwé tó kọ orúkọ àti iye kálukú sí ló sọnù. Owó ò lọ, ẹni tó máa pín in ni ò mọ ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣe nǹkan méjì kẹ́ ẹ wá jíṣẹ́. Ẹ ṣí ẹ̀dà fáìlì yẹn pẹ̀lú HxD, sọ́fítíwíà tó ń fi ohun tó wà nínú fáìlì hàn bí nọ́ńbà àti lẹ́tà, ọ̀fẹ́ ni. Ní ìlà àkọ́kọ́ ẹ wò ó bóyá ẹ rí ftyp, àmì tó máa ń wà níbẹ̀rẹ̀ fáìlì MP4. Lẹ́yìn náà ẹ sáré lọ sí àárín fáìlì, bó bá jẹ́ 00 00 00 ló kún ibẹ̀ lọ rẹrẹẹrẹ, a jẹ́ pé kò sí nǹkan nínú ẹ̀, káàdì ayédèrú máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà àti lẹ́tà oríṣiríṣi ló dàrú mọ́ra wọn, fídíò yín wà níbẹ̀. Ìkejì, bẹ́ ẹ bá ní ffmpeg, sọ́fítíwíà tó ń ka fáìlì fídíò, lórí láptọ́ọ̀pù, ẹ tẹ èyí:

```
ffmpeg -i MVI_4417.MP4
```

Ẹ sọ ohun tó bá fèsì.

ÀṣàkẹDrone

Ẹ má bínú pé mo ń já lu ọ̀rọ̀, tèmi náà fara jọ ọ́. Dúróònù DJI ni, ó já lulẹ̀ níbi ìgbéyàwó kan, bátìrì sì fò yọ. Fáìlì ìgbẹ̀yìn wà níbẹ̀ kò ṣí. Ṣé ọ̀nà kan náà ni màá tọ̀?

Alátùnṣe_Abẹ́òkúta

Àǹtí Àṣàkẹ, ẹ ṣe ẹ̀dà káàdì tiyín náà kọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ẹ dá káàdì padà sínú dúróònù yẹn kan náà pẹ̀lú bátìrì tó kún, ẹ tàn án, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láìfò ó. Púpọ̀ nínú àwọn DJI máa ń rí i fúnra wọn pé fáìlì ìgbẹ̀yìn ò parí, wọ́n á sì gbìyànjú láti parí ẹ̀. Gópírò náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, á fi àmì àtúnṣe hàn lójú ẹ̀. Sónì máa ń béèrè pé ṣé kóun tún àkójọ àwòrán ṣe. Bó bá jẹ́ káàdì tó ní LOCK ni, ẹ má tì í nígbà yẹn o, torí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ lè kọ nǹkan sórí káàdì. Bó bá wá ní kẹ́ ẹ fọ́máàtì káàdì, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀.

OlúwaṣeunFX

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn, kí FótòTiwa dá káàdì padà sínú 80D kó tàn án, ó ti tán nìyẹn, kí la tún ń wá HxD kiri sí.

Alátùnṣe_Abẹ́òkúta

Kò burú láti dán an wò lẹ́yìn tí ẹ̀dà bá ti wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ pé àwọn ti fi bátìrì míì sí i, wọ́n sì ti bá iṣẹ́ lọ pẹ̀lú káàdì kan náà, bó bá máa tún ara ẹ̀ ṣe ni ì bá ti ṣe é nígbà yẹn.

FótòTiwa_Ìbàdàn

Mo ti ṣe gbogbo ẹ̀. ftyp wà lókè, àárín fáìlì sì kún fún oríṣiríṣi, kì í ṣe 00. ffmpeg kọ lẹ́tà pupa kan fún mi, ó ní `moov atom not found`. Ṣé ó burú?

Alátùnṣe_Abẹ́òkúta

Ìròyìn tó dáa nìyẹn o! Ohun tí mo ń retí gan-an ló kọ. Àwòrán wà, ìwé alájọ ni ò sí.

Sọ́fítíwíà tó máa ṣe é ń jẹ́ untrunc, ọ̀fẹ́ ni, ẹ wá èyí tí anthwlock ń tọ́jú lórí GitHub torí òun ló yára jù, ó sì ní ti Wíńdòsì tó ní ojú tẹ́ ẹ lè tẹ̀, ibi kan wà fún fáìlì tó dáa, ibi kan wà fún èyí tó bàjẹ́. Ọgbọ́n tó ń lò rèé: ẹ máa fún un ní fídíò míì tó ń ṣí dáadáa, tí kámẹ́rà kan náà yà. Á ka moov ti èyí tó dáa kó lè mọ bí kámẹ́rà yín ṣe ń to àwòrán àti ohùn, á wá rìn gba inú mdat èyí tó bàjẹ́ kọjá, á máa sọ pé àwòrán nìyí, ohùn nìyí, títí á fi kọ moov tuntun.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti máa ń bàjẹ́ ni fáìlì àpẹẹrẹ. Kò tó pé kó jẹ́ kámẹ́rà kan náà, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ sẹ́tíìnì kan náà: fífẹ̀ àwòrán, iye àwòrán ní ìṣẹ́jú àáyá kan, irú ohùn, gbogbo ẹ̀. Èyí tó bá sún mọ́ tòun jù ní ọjọ́ yẹn lẹ mú. Kó má kéré jù náà, ìṣẹ́jú kan tàbí méjì ó kéré tán. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, èyí tó dáa ló ń ṣíwájú:

```
untrunc tódáa.MP4 MVI_4417.MP4
```

Ẹ fi orúkọ fáìlì yín gan-an sí ibi tí mo kọ tódáa sí. Fáìlì tuntun á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó bàjẹ́, ẹ máa rí _fixed nínú orúkọ ẹ̀.

TúnjíWeb

Kí lẹ ń fi gbogbo èyí da ara yín láàmú sí, PhotoRec ni. Òun ni mo fi gba fọ́tò ọmọ mi tí wọ́n pa rẹ́ lórí fóònù. Á gbé gbogbo fídíò tó ti sọnù jáde.

Alátùnṣe_Abẹ́òkúta

PhotoRec dáa gan-an, mo ń lò ó. Ṣùgbọ́n fáìlì tí wọ́n pa rẹ́ ló wà fún, FótòTiwa ò pa nǹkan kan rẹ́, fáìlì ẹ̀ wà lójú káàdì pẹ̀lú 3.1 GB ẹ̀. Bí PhotoRec bá tiẹ̀ gbé e jáde, bó ṣe wà náà ló máa gbé e, kò ní moov.

Ibi tó ti wúlò ni bí ìwọ̀n fáìlì bá jẹ́ 0. Iná lè lọ kí kámẹ́rà tó kọ ìwọ̀n fáìlì sílẹ̀, àwòrán á wà lórí káàdì ṣùgbọ́n orúkọ lásán lẹ máa rí. Nígbà náà ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo káàdì látòkè délẹ̀ sínú fáìlì kan, kẹ́ ẹ jẹ́ kí PhotoRec wá inú ẹ̀dà yẹn, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ gbé ohun tó bá rí fún untrunc. Bí káàdì yín bá ti kún tí ẹ ti ń pa fídíò rẹ́ tẹ́ ẹ tún ń yà lé e, ó lè jẹ́ pé àwọn ègé fáìlì náà ò sí lójú kan, èyí tí PhotoRec bá rí á wá já ní àárín. Ìyẹn le láti tún ṣe.

FótòTiwa_Ìbàdàn

Ẹ̀gbọ́n mi, Ọlọ́run á bá mi san oore yín! Ó ṣí! Mo rí bàbá lójú fídíò! Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń ṣe é, àwọn èèyàn ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé, ọwọ́ bàbá ń lọ sókè sódò kíákíá, ohùn wọn sì ń lọ jẹ́ẹ́ bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mélòó kan àwòrán dúró sójú kan, ohùn ṣì ń lọ.

Alátùnṣe_Abẹ́òkúta

Fáìlì àpẹẹrẹ ni. Ẹ fi ffmpeg -i wo èyí tẹ́ ẹ lò yẹn, ẹ wá ibi tó kọ fps sí. Ẹ sọ iye tẹ́ ẹ rí àti iye tẹ́ ẹ fi ń ya ọ̀rọ̀ bàbá.

FótòTiwa_Ìbàdàn

Èyí tí mo lò ní 50 fps. Ibi tí wọ́n ti ń jó ni, mo fẹ́ kí ijó yẹn lè falẹ̀ bí mo bá ń ṣe àtòpọ̀. Ọ̀rọ̀ bàbá, 25 ni mo fi yà á.

Alátùnṣe_Abẹ́òkúta

Ó ti yé wa báyìí. untrunc gba ọ̀rọ̀ fáìlì àpẹẹrẹ gbọ́ pé àwòrán àádọ́ta ló ń lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bẹ́ẹ̀ sì ni mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló wà níbẹ̀, ìyẹn ni àwòrán fi ń lọ ní ìlọ́po méjì tó sì parí ní ìdajì ọ̀nà. Ohùn tiẹ̀ ò yí padà nítorí sẹ́tíìnì ohùn kan náà lẹ lò ní ìgbà méjèèjì. Ẹ wá fáìlì míì tẹ́ ẹ fi 25 yà ní 1080p kan náà. Bí kò bá sí lórí káàdì, ẹ gbé 80D yẹn, ẹ fi sẹ́tíìnì kan náà gan-an ya ìṣẹ́jú méjì níwájú ilé, ẹ jẹ́ kí èèyàn máa rìn kọjá kí àwòrán má dúró sójú kan, kí ohùn náà wà níbẹ̀. Káàdì míì ni kẹ́ ẹ lò o.

Ẹ máa mọ̀ ọ́n bẹ́ ẹ bá rí irú ẹ̀ lọ́jọ́ míì. Àwòrán tó ń sáré tàbí tó ń falẹ̀ pẹ̀lú ohùn tó dáa, iye àwòrán ni ò bá ara mu. Àwòrán tó kún fún àwọ̀ ewé àti eérú tó dà bí ohun tó yọ́, fífẹ̀ àwòrán tàbí irú ìfúnpọ̀ ẹ̀ ló yàtọ̀. Àwòrán tó dáa tí ohùn ń pariwo bí òjò lórí páànù, ẹ wo irú ohùn.

ÌyáIbejì_Peckham

Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ń kọ̀wé. Sónì ni èmi ń lò, wọ́n já wáyà iná níbi ìsọmọlórúkọ kan, mo wá rí fáìlì kan lórí káàdì tí ìparí orúkọ ẹ̀ jẹ́ RSV, kì í ṣe MP4. Mo sọ orúkọ ẹ̀ di MP4, kò ṣí. Ṣé untrunc á gbà á?

Alátùnṣe_Abẹ́òkúta

Àǹtí, RSV ni Sónì ń pe èyí tí kò parí. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà ẹ̀, kẹ́ ẹ dá káàdì padà sínú kámẹ́rà, bó bá béèrè àtúnṣe ẹ ní kó ṣe é. Bí kò bá béèrè, untrunc yẹn ní iṣẹ́ tó ń ṣe lórí RSV, ṣùgbọ́n bó ṣe ń lọ yàtọ̀ láti kámẹ́rà kan sí èkejì, torí Sónì máa ń fi ohùn tí wọn ò fún pọ̀ sínú ẹ̀, untrunc sì máa ń ṣìnà nínú irú ohùn bẹ́ẹ̀. Mi ò ní sọ pé ó dájú. Ẹni tó bá ti ṣe é lórí irú kámẹ́rà yín kó bá wa dá sí i.

OlúwaṣeunFX

Àwọn kan wà lórí ayélujára tẹ́ ẹ máa gbé fáìlì sókè sí wọn, wọ́n á bá yín tún un ṣe, ẹ ò ní kọ lẹ́tà kankan.

ÌyáIbejì_Peckham

Mo lò ọ̀kan nínú wọn rí, wọ́n fi díẹ̀ hàn mí pé ó ti dáa, wọ́n wá ní kí n sanwó kí wọ́n tó fún mi ní gbogbo ẹ̀. Àwọn náà béèrè fáìlì àpẹẹrẹ lọ́wọ́ mi bí untrunc ṣe ń béèrè yìí. Ohun tó dùn mí jù ni pé fídíò inú ilé èèyàn ni mo gbé fún ẹni tí mi ò mọ̀ rí.

FótòTiwa_Ìbàdàn

Mo rí fáìlì 25 kan lórí káàdì, MVI_4409, ibi tí wọ́n ti ń gbàdúrà. Mo fi ṣe é. Àwòrán àti ohùn ń rìn pọ̀ báyìí, ohùn bàbá mọ́ kedere! Ṣùgbọ́n ó dúró kó tó parí, untrunc kọ èyí:

```
unable to find correct codec -> premature end (~63
try '-s' to skip unknown sequences
```

Mo gé ìparí ìlà àkọ́kọ́ yẹn, ìdá mẹ́tàlélọ́gọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ló ní òun dé.

Alátùnṣe_Abẹ́òkúta

Ó dé ibi kan tí kò mọ ohun tó ń wò mọ́, ó wá dúró. Ẹ ṣe bó ṣe wí, ẹ fi -s sí i kó lè fo ibẹ̀ kó sì wá ibi tó tún ti mọ ọ̀nà:

```
untrunc -s MVI_4409.MP4 MVI_4417.MP4
```

Níparí á sọ iye tí kò mọ̀ fún yín, ẹ wá ìlà tó ní `Bytes NOT matched`. Bó bá jẹ́ ìdá kékeré, ẹ ò tiẹ̀ ní rí i lójú. Bó bá pọ̀, àwòrán á máa já níbi kọ̀ọ̀kan. Bí ohùn bá sì ń jìnnà sí ẹnu díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń lọ, ẹ fi -sv kún un, á na àwòrán kó lè bá gígùn ohùn mu. Ẹ má fi sí i bí kò bá nídìí.

Ẹ má retí ọ̀rọ̀ ìgbẹ̀yìn pátápátá. Ohun tó wà nínú mẹ́mọ́rì kámẹ́rà tí kò tíì dé orí káàdì nígbà tí iná lọ, ìyẹn ti lọ, kò sí sọ́fítíwíà tó máa gbé e wá. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni.

Ìjẹ̀ṣàMídíà

Ẹ ṣeun ẹ̀gbọ́n, mo ti kọ́ nǹkan. Ìbéèrè kan: kí ló dé tí 80D ò kìlọ̀? Tèmi máa ń pa ara ẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ bí bátìrì bá ti fẹ́ tán, fáìlì ò sì í bàjẹ́.

Alátùnṣe_Abẹ́òkúta

Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Kámẹ́rà ń wo agbára bátìrì, bó bá ti lọ sílẹ̀ á ti fáìlì dáadáa kó tó kú. Àmọ́ bátìrì tó ti gbó tàbí ayédèrú máa ń fi ìdajì hàn, agbára ẹ̀ á wá já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. FótòTiwa, bátìrì tó kú yẹn, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iṣẹ́ pátápátá.

OlúwaṣeunFX

Èmi máa ń dá yíyà dúró ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá tí màá tún tẹ̀ ẹ́. Bí iná bá lọ, èyí tó ń lọ lọ́wọ́ nìkan ló máa bàjẹ́.

ÀṣàkẹDrone

Níbi ọ̀rọ̀ bàbá àgbà kẹ̀? Ẹ máa gé wọn ní àárín gbólóhùn. Kámẹ́rà kejì ló dáa jù, tàbí kẹ́ ẹ fi ẹ̀rọ ohùn kékeré sí wọn láyà.

(Ẹ ṣeun Alátùnṣe, dúróònù tún fáìlì ẹ̀ ṣe fúnra ẹ̀ o!)

FótòTiwa_Ìbàdàn

Ó gbà! -s yẹn gbé e kọjá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Ó kọ `Bytes NOT matched` pẹ̀lú 0.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Nǹkan kan ṣoṣo ló kù, ní bí ìṣẹ́jú kẹsàn-án àwòrán ń dúró fún ìgbà díẹ̀, ó ń dàrú, ó tún ń dáa padà, ohùn náà já díẹ̀ níbẹ̀. Orúkọ ìyá tó bí ìyá ni bàbá ń dá níbẹ̀, mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ.

Alátùnṣe_Abẹ́òkúta

Ìṣẹ́jú kẹsàn-án nínú mẹ́rìnlá, ó sún mọ́ ìdá mẹ́tàlélọ́gọ́ta yẹn, ibi kan náà ni. Ó lè jẹ́ pé káàdì ló ní àbàwọ́n níbẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé untrunc ló ṣìnà. Ẹ tún ṣe ẹ̀dà MVI_4417 láti orí káàdì, LOCK ṣì wà o, ẹ fi ẹ̀rọ ìkàwé káàdì míì ṣe é, kẹ́ ẹ sọ ẹ̀dà tuntun ní MVI_4417_B, kẹ́ ẹ wá fi wé ti àkọ́kọ́ nínú Command Prompt ti Wíńdòsì:

```
fc /b MVI_4417.MP4 MVI_4417_B.MP4
```

Bí méjèèjì bá yàtọ̀, káàdì tàbí ẹ̀rọ tó kà á ni, ẹ jẹ́ ká wá ẹ̀dà tó dáa jù. Bí wọ́n bá rí bákan náà, ẹ wá fáìlì àpẹẹrẹ 25 míì tó gùn ju àdúrà yẹn lọ, tí ariwo àti ìrìn pọ̀ nínú ẹ̀, ẹ tún un ṣe pẹ̀lú -s, kẹ́ ẹ wo bóyá ìdá 0.4 yẹn á lọ sílẹ̀. Ẹ kọ èsì síbí.